Iṣẹ́ Ìdánwò fún Ilé-iṣẹ́ tí Kò Kéde Àyè

Ìbéèrè: Báwo ni ẹni tó ń wáṣẹ́ ṣe lè kọ̀wé sí olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun tí kò polongo pé òun ń gba òṣìṣẹ́?

Ìdáhùn: Ọwọ́ irú olùdásílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà dilẹ̀ láti kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́, nítorí náà iṣẹ́ ìdánwò, ìyẹn iṣẹ́ kékeré olówó tó ní ọjọ́ ìparí, kò gbọdọ̀ dá kún wàhálà rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù ìfowópamọ́ kan, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ sì pẹ́ kó tó wọlé, tí kò sì rí ibi tí yóò tẹ̀ láti gba òmíràn, lè ya àwòrán ojú fóònù náà, kí ó fi í sínú lẹ́tà tí kò ju ìlà mẹ́jọ lọ, kí ó sì dábàá pé òun yóò ya ojú-ewé ìforúkọsílẹ̀ náà lákọ̀tun láàárín ọjọ́ 10, ní iye owó pàtó. Àṣìṣe ńlá ni láti béèrè fún àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà, nítorí iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe láìrí i ti kọjá ti ìdánwò. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, ìránnilétí ẹyọ kan ti tó.