Jímọ̀ 14 Tàbí Sátidé 15?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀, bí ẹbí olóògbé bá fi ọ̀rọ̀ káàdì ìsìnkú ránṣẹ́, tí wọ́n kọ “Sátdié” níbi tó yẹ kí wọ́n kọ “Sátidé”, ẹ tún un ṣe láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí kò sí ọjọ́ mìíràn tí lẹ́tà wọ̀nyẹn lè jẹ́, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kò sì ráyè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òwe yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ẹ wo irú ìwé báyìí: “Àìsùn, Ọjọ́bọ̀ 13 oṣù kẹfà ọdún 2024, ìsìnkú, Sátidé 14.” Kàlẹ́ńdà fi hàn pé àṣìṣe wà níbẹ̀, nítorí Jímọ̀ ni ọjọ́ 14 oṣù náà bọ́ sí, àmọ́ kò lè sọ fún wa bóyá orúkọ ọjọ́ ni ọwọ́ ṣì kọ tàbí òǹkà rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ là yóò ní Jímọ̀ ni, nítorí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹbí wa, bí ilẹ̀ àìsùn Ọjọ́bọ̀ bá ti mọ́, òkú di sísin. N kò sì ní bá a jiyàn púpọ̀. Síbẹ̀, ẹbí tí yóò gbé òkú rìn jìnnà padà sílé baba rẹ̀ lè fi odindi ọjọ́ kan sáàárín. Níbi tí ìtumọ̀ méjì bá ti lè dúró, tí èyí tí a bá mú yóò sì gbé àlejò dé lẹ́yìn tí wọ́n ti bo sàréè, ẹnu ẹni tó ni òkú ni kí ìdáhùn ti wá, bó ti wù kó dá yín lójú tó. (Bẹ́ẹ̀ náà ni “e ma mu omode wa” tí wọ́n tẹ̀ láìfi àmì sí: ó lè pe ọmọdé, ó sì lè lé wọn.)

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà béèrè ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe wí pé, “Ṣé ọjọ́ yìí tọ̀nà?” nítorí ohun tó wà lọ́kàn ọlọ́fọ̀ ni yóò kà, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé, yóò sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbé méjèèjì síwájú rẹ̀: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, Jímọ̀ ni ọjọ́ 14. Ṣé Jímọ̀ 14 ni ìsìnkú, àbí Sátidé 15?” Bí ó bá tún fèsì pé “bẹ́ẹ̀ ni” lásán, ẹ tún béèrè. Ẹ jẹ́ kó fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ ní kíkọ, kí ẹ sì fi pamọ́ mọ́ ìwé àkọ́kọ́. Bí ẹ kò bá rí i bá sọ̀rọ̀, ẹ to ìyókù káàdì náà, kí ẹ fi ìlà kan yẹn sílẹ̀, kí ẹ má sì tíì tẹ ohunkóhun. Awakọ̀ tí wọ́n rán wá gba káàdì lè ní kí ẹ sáà tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní àga.