Bí Kámẹ́rà Bá Ṣókùnkùn, Ẹ Wo Iná Rẹ̀ Ná
Ogún ìṣẹ́jú péré ni àlejò wa ní láti bá ẹgbẹ́ oníròyìn sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ó ń gbọ́ ohùn wa, àmọ́ àwòrán wa dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo wo iná kékeré ara kámẹ́rà: ó ń tàn. Á jẹ́ pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, nǹkan ló bo ojú ẹ̀. Mo fi èékánná ti ìdérí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì yọ!

Bí iná ò bá tàn ńkọ́? Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings > Privacy & security > Camera, kí ẹ gbà á láàyè. Bí kò bá tàn síbẹ̀, iná lè má tó o. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ẹ̀rọ tó ń sọ ihò kan di mẹ́rin, torí iná ihò kan ṣoṣo ni wọ́n ń pín. Ẹ fi sí ara láptọ́ọ̀pù gan-an.