Òpin-Ìsúnmọ́ Òfin-Ìpààrọ̀ Alásopọ̀ àti Májẹ̀mú Àìjá

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ìṣirò tí ó ga ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ kò sí lára iṣẹ́ tí èyíkéyìí nínú méjèèjì dáwọ́ lé. Ibi kan ṣoṣo nínú ìṣirò gíga náà ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí kò péye níbẹ̀ máa ń sọ ìdáhùn nù: ìgbà wo ni ó tọ́ láti gbé òpin-ìsúnmọ́ wọ inú òfin mìíràn?

2. Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí

Òfin-ìpààrọ̀ ni òfin tí ó gba nọ́ńbà kan, tí ó sì fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dípò rẹ̀. Bí òfin f bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí x, tí òfin g sì wá ṣiṣẹ́ lórí ohun tí f mú jáde, a ní òfin-ìpààrọ̀ alásopọ̀, tí a ń kọ báyìí: g(f(x)). A ó pe f ní òfin inú, a ó sì pe g ní òfin òde.

Àwọn kan lè fẹ́ lo “ààlà” fún èrò kejì. Ṣùgbọ́n ààlà oko jẹ́ ibi tí ènìyàn lè dúró lé, tí kò sì gbọdọ̀ kọjá. Ohun tí a ń sọ níhìn-ín yàtọ̀: bí x ti ń súnmọ́ a, f(x) ń súnmọ́ L. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí f ń ṣe nígbà tí x bá dé a gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí f(x) má dé L tàbí kí ó má kọjá rẹ̀. Nítorí náà ni “òpin-ìsúnmọ́” fi dára jù.

Àìjá ni ọ̀rọ̀ kẹta, láti ara okùn tí kò já. Òfin g kò já ní L bí òpin-ìsúnmọ́ rẹ̀ níbẹ̀ bá wà, tí ó sì bá g(L) dọ́gba. Ohun méjì ni májẹ̀mú yìí bèèrè. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wo èkíní, wọn a sì gbàgbé èkejì.

3. Òfin náà àti ẹ̀rí rẹ̀

Bí òpin-ìsúnmọ́ f(x) bá jẹ́ L nígbà tí x ń súnmọ́ a, tí g kò sì já ní L, nígbà náà:

lim g(f(x)) = g(lim f(x)) = g(L)

Láti òde wọ inú ni ẹ̀rí rẹ̀ ti ń lọ. Kí ẹnikẹ́ni mú nọ́ńbà ε wá, bí ó ti wù kí ó kéré tó, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ju 0 lọ. Nítorí pé g kò já ní L, nọ́ńbà η kan wà tí ó ju 0 lọ, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo u tí |u − L| < η ni |g(u) − g(L)| < ε. Ní báyìí, η yìí ni a gbé lọ bá òfin inú. Nítorí pé L ni òpin-ìsúnmọ́ f(x), nọ́ńbà δ kan wà tí ó ju 0 lọ, tí ó fi jẹ́ pé bí 0 < |x − a| < δ, nígbà náà |f(x) − L| < η. Fún irú x bẹ́ẹ̀, |g(f(x)) − g(L)| < ε, ẹ̀rí sì parí.

Bí àpẹẹrẹ, bí x ti ń súnmọ́ 3, (x² − 9)/(x − 3) ń súnmọ́ 6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìtumọ̀ ní 3 fúnra rẹ̀. Òfin √u kò já ní 6. Nítorí náà √6 ni òpin-ìsúnmọ́ √((x² − 9)/(x − 3)).

4. Kòkó ní Arimogija

Kí a gbà pé àgbẹ̀ kan ní Arimogija, ní agbègbè Ọ̀sẹ̀, ń sá kòkó, àti pé àpò tí ó bá kún ní 64 kílógíráàmù nìkan ni wọ́n ń kà fún un. Òfin inú ni ìwọ̀n kòkó náà ní ọjọ́ t. Òfin òde ni iye àpò tí ó kún, èyí tí í ṣe odidi nọ́ńbà tí ó wà nínú u/64. Ọjọ́ ni ó ń pọ̀ láìlópin níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rí òkè kò yí padà: ọjọ́ kan tí ó jìnnà tó ni yóò gba ipò δ.

Kí ìwọ̀n náà kọ́kọ́ jẹ́ 64 + 96/2ᵗ. Kòkó tútù jẹ́ 160 kílógíráàmù ní ìbẹ̀rẹ̀, ó di 112, ó di 88, ó di 76, ó sì ń súnmọ́ 64 láti òkè. Láti ọjọ́ kìíní lọ, àpò 1 ni ó ń kún. Òpin-ìsúnmọ́ iye àpò jẹ́ 1, iye àpò tí ó wà nínú 64 náà sì jẹ́ 1. Ìdáhùn ṣe rẹ́gí.

Ṣùgbọ́n kòkó gbígbẹ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò. Kí a wá gbà pé ó ti gbẹ jù, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 64 − 2/2ᵗ: 62, 63, 63.5, 63.75, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òpin-ìsúnmọ́ ìwọ̀n ṣì jẹ́ 64. Ẹni tí ó bá gbé e wọ inú yóò sọ pé àpò 1 ni. Àmọ́ kò sí ọjọ́ kankan tí àpò náà kún. 0 ni iye rẹ̀ lójoojúmọ́, 0 sì ni òpin-ìsúnmọ́ rẹ̀. Odidi àpò kan ni ìṣirò náà fi tan àgbẹ̀ jẹ.

Òfin inú kò ní ẹ̀bi nínú èyí. Òfin òde ni ó já ní 64: láti ìsàlẹ̀ ó ń fúnni ní 0, láti òkè ó ń fúnni ní 1. Ìṣirò àkọ́kọ́ yè nítorí pé ìhà tí okùn kò ti já ni ìwọ̀n gbà wọlé. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí a wádìí g ní L láti ìhà méjèèjì, kí a sì béèrè ìhà tí f(x) gbà ń bọ̀.

5. Níbi tí òpin-ìsúnmọ́ nìkan kò ti tó

Ó kù ọ̀ràn kan tí ó fara sin. Kí g(u) jẹ́ 3 fún gbogbo u tí kì í ṣe 0, kí g(0) sì jẹ́ 5. Òpin-ìsúnmọ́ g ní 0 wà, 3 ni; ṣùgbọ́n g já níbẹ̀. Bí f(x) = x², f(x) kì í jẹ́ 0 nígbà tí x kò bá tíì dé 0, nítorí náà òpin-ìsúnmọ́ g(f(x)) jẹ́ 3. Kì í ṣe g(0), èyí tí í ṣe 5.

Bí f(x) bá jẹ́ x·sin(1/x) ńkọ́? Òun náà ń súnmọ́ 0, ṣùgbọ́n ó ń padà kan 0 gan-an ní 1/π, ní 1/(2π), ní 1/(3π), títí lọ láìlópin. Ní àwọn ibi wọ̀nyí g(f(x)) jẹ́ 5; láàárín wọn ó jẹ́ 3. Kò sí òpin-ìsúnmọ́ kankan.

Ohun tí àìjá ṣe nínú ẹ̀rí òkè hàn níhìn-ín: ó gba u láàyè láti jẹ́ L fúnra rẹ̀. Bí g bá já ní L ṣùgbọ́n tí ó ní òpin-ìsúnmọ́ níbẹ̀, a ṣì lè lo òpin-ìsúnmọ́ náà bí f(x) kò bá dé L rárá ní sàkání a. Èyí ni a lè pè ní ìrọ́pò. Gbígbé òpin-ìsúnmọ́ wọ inú ni èkejì, tí ó gbé ìdáhùn lé g(L). Kí olùtumọ̀ má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan náà pe méjèèjì, nítorí pé nínú àpẹẹrẹ x², ọ̀kan fúnni ní 3, èkejì sì fúnni ní 5.