Ìṣirò Kan, Ìdáhùn Mẹ́ta Tí Kò Tọ̀nà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Ìṣirò kan ṣoṣo ló ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń rí: 288, 52 àti −44. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ó mọ ìsọdipúpọ̀ dáadáa. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni kò yé e. Ìṣirò náà nìyí:

20 − 2 × (3 − 7)²

Mú bírò, ká jọ ṣe é.

Inú àkámọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní bírákẹ́ẹ̀tì, la ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àkámọ́ ni láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo kí ohun tó wà níta tó kàn án. Ká yọ 7 kúrò nínú 3. Bí náírà mẹ́ta bá wà lọ́wọ́ rẹ, tó o sì jẹ gbèsè náírà méje, tó o bá san mẹ́ta yẹn, gbèsè mẹ́rin ló kù. Nọ́ńbà òdì, ìyẹn négétíìfù, la fi ń kọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀: −4. Ìṣirò wa ti di 20 − 2 × (−4)². Wò ó pé mi ò tíì yọ àkámọ́ kúrò lára −4.

Agbára ló kàn, èyí tí wọ́n ń pè ní páwà: 2 kékeré tó wà lókè yẹn. Ó ní ká fi nọ́ńbà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ìyẹn (−4) × (−4). Kí ló dé tí ìdáhùn rẹ̀ kì í fi í ṣe òdì? Tò ó sílẹ̀ báyìí: −4 lọ́nà 2 jẹ́ −8, lọ́nà 1, −4, lọ́nà 0, òdo. Bí a ṣe ń dín ọ̀kan kù lápá ọ̀tún ni ìdáhùn ń fi mẹ́rin gòkè. Má ṣe dúró síbẹ̀: lọ́nà −1 yóò jẹ́ 4; lọ́nà −2, 8; lọ́nà −3, 12; lọ́nà −4, 16. Nítorí náà, (−4)² jẹ́ 16.

Ibi tí 52 ti wá nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yọ àkámọ́ kúrò, ó kọ −4², ó sì rí −16, ìṣirò rẹ̀ wá di 20 − 2 × (−16), tó jẹ́ 52. Òótọ́ ni pé −4² jẹ́ −16, torí pé nọ́ńbà tí agbára fara kan nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Àmì òdì tó wà níwájú ń dúró de ìgbà tó bá ṣe tán. Bí o bá ń ṣiyèméjì, ṣe 20 − 4². Gbogbo wa la gbà pé 20 − 16 ni, ó sì jẹ́ 4. Fi òdo rọ́pò 20 yẹn: 0 − 4² jẹ́ −16. Àkámọ́ nìkan ló lè mú kí agbára gbé àmì òdì dání.

Ó ku 20 − 2 × 16. Ká ní 5,000 náírà lo mú lọ sọ́jà, o sì ra búrẹ́dì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 1,500. Iye búrẹ́dì méjèèjì lo máa kọ́kọ́ mọ̀, ìyẹn 3,000, kó o tó yọ ọ́ kúrò. Ṣéńjì rẹ jẹ́ 2,000. Bó o bá kọ́kọ́ yọ 2 kúrò nínú 5,000, búrẹ́dì lo ń yọ kúrò nínú owó. Ìdí nìyẹn tí ìsọdipúpọ̀ fi ń ṣáájú ìyọkúrò: 2 × 16 jẹ́ 32, 20 − 32 sì jẹ́ −12. Ìdáhùn wa nìyẹn.

288 wá láti inú 18 × 16, torí ó kọ́kọ́ yọ 2 kúrò nínú 20. Ní ti −44, ó fi 2 sọ −4 di púpọ̀, ó rí −8, ó wá gbé agbára lé e lórí, ó di 64. Àmọ́ 2 yẹn kò sí nínú àkámọ́ rárá, agbára kò sì kàn án.

Bódímáàsì tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé náà máa ń ṣi àwọn kan lọ́nà, torí wọ́n rò pé ìròpọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ìyọkúrò. Ẹgbẹ́ ni méjèèjì; láti òsì sí ọ̀tún la ti ń ṣe wọ́n. 10 − 4 + 3 jẹ́ 9, kì í ṣe 3.

Kíyè sí ẹ̀rọ pẹ̀lú. Nínú Excel, bó o bá tẹ `=-4^2`, 16 ló máa fún ẹ, nígbà tó jẹ́ pé −16 ni ìwé ìṣirò gbà. Fi àkámọ́ sọ ohun tó o ní lọ́kàn: `=(-4)^2` tàbí `=-(4^2)`.

Ó yá, ṣe 10 − 3 × (2 − 5)² fúnra rẹ. Bó o bá rí −17, o gbà á. Bó bá jẹ́ 37, àkámọ́ ara −3 lo yọ kúrò. Bó bá jẹ́ 63, o yọ 3 kúrò nínú 10 kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Bó bá sì jẹ́ −71, o gbé agbára lé 3 tó wà níta lórí; padà lọ síbẹ̀, kó o tún un ṣe.