Fóònù Kà Á, Ta Ló Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

Bí èèyàn bá gba òpópónà Bajulaiye kọjá ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń pariwo látàárọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ irú gbólóhùn yìí lórí ìwé ẹ̀rí kan: "Ojúlówó ni, mo ti sikáànù ẹ̀." Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí sikáànù. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ó sì ti di ará ilé. "Ojúlówó ni" tí wọ́n so mọ́ ọn ni mo bá jà.

Ohun tí fóònù ṣe ni pé ó ka kóòdù. Kò yẹ ìwé wò. Kóòdù QR, tí iléeṣẹ́ Denso Wave gbé jáde ní Japan lọ́dún 1994 láti fi mọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ níyàtọ̀ sí ara wọn, kò ju ọ̀rọ̀ tí a kọ lọ́nà tí kámẹ́rà fi lè kà á. Lórí ìwé ẹ̀rí, àdírẹ́sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan pẹ̀lú nọ́ńbà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ṣe tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni sì lè ṣe àdàkọ ti ẹlòmíràn: àwọn tó ṣe é fi àfikún sínú rẹ̀ kí ó lè ṣeé kà bó tilẹ̀ dọ̀tí tàbí tó ya díẹ̀, nítorí náà fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ èsì JAMB ọdún 2023 fi èyí hàn kedere. Ọmọbìnrin kan láti Ìpínlẹ̀ Anambra gbé ìwé èsì jáde pé òun gba 362, àwọn èèyàn sì ń yìn ín káàkiri. JAMB ní 249 ló wà lákọsílẹ̀ àwọn. Nígbà tí wọ́n ka kóòdù orí ìwé náà, orúkọ ẹlòmíràn ló yọ, ẹni tó ṣèdánwò lọ́dún 2021 tó sì gba 138. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Anambra gbé kalẹ̀ náà padà sọ pé ọmọ náà ló yí èsì rẹ̀ padà. Kóòdù náà ṣiṣẹ́, kò sì parọ́. Orí ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀ ló wà. Ẹni tó kàn ń retí kí fóònù ṣí nǹkan kan, kí ó sì kígbe pé "ó wọlé!", ì bá ti dá ìwé yẹn láre.

Nítorí náà, "kà" ni ká lò fún iṣẹ́ kámẹ́rà. Ká fi "yẹ̀ wò" pamọ́ de ìgbà tí a bá fi orúkọ wé orúkọ, ọdún wé ọdún, máàkì wé máàkì, tí ohun tó wà lọ́wọ́ wa sì bá ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn tó fúnni níwèé mu.

Lọ́wọ́ àwọn tó fúnni níwèé, mo tún un sọ. Ẹnu oníkàn la ti í gbọ́ pọ̀ún, ṣùgbọ́n kóòdù lè mú wa dé ẹnu ẹlòmíràn. Ayédèrú ìwé lè ní ayédèrú ojú òpó tirẹ̀, tí wọ́n to orúkọ àti máàkì sí, tí gbogbo rẹ̀ sì bá ara mu rẹ́gí. Ká ní orúkọ iléèwé kan ń jẹ́ ileewe, ẹ wo àdírẹ́sì méjì yìí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́:

```
https://ileewe.edu.ng/ayewo?id=4471
https://ileewe.edu.ng.ayewo-esi.com/id=4471
```

Ẹ wá ìlà tó dagẹ̀rẹ́ (/) tó kọ́kọ́ dá dúró lẹ́yìn "https://", kí ẹ sì kà padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ti àkọ́kọ́ parí sí ileewe.edu.ng, iléèwé ló ni ín, nítorí wọn kì í fi .edu.ng sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́. Ìkejì parí sí ayewo-esi.com, ẹni tó bá ra orúkọ yẹn ló sì ni gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé ká má lo kóòdù rárá: ká fúnra wa tẹ àdírẹ́sì iléèwé tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ká wá fi nọ́ńbà orí ìwé náà síbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń ṣì lò. Bí nọ́ńbà kò bá mú nǹkan kan jáde, wọ́n á kọ "ayédèrú" gàdàgbà sára fáìlì. Ó tì o. "Kò sí lákọsílẹ̀ tí a rí" ló yẹ kí wọ́n kọ, nítorí iléèwé lè má tíì gbé orúkọ àwọn tó jáde láyé ọjọ́un sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó tẹ nọ́ńbà sì lè fi lẹ́tà O sípò òdo. Bí orúkọ tàbí máàkì bá yàtọ̀, "kò bá àkọsílẹ̀ mu" ni. "Ayédèrú" ń dúró de ìgbà tí àwọn tó ni àkọsílẹ̀ bá fi lẹ́tà dáhùn pé ìwé yẹn kò ti ọ̀dọ̀ àwọn wá.