Fótò Kan, Ojú Mẹ́ta: Kí Ló Dé Tí Ó Ń Gé Àwọn Èèyàn Kúrò?

ÌBÉÈRÈ: Ṣágámù ni mo ń gbé, èmi ni mo sì máa ń ya fótò fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Láti ìgbà tí Rẹ́mọ Sítáàsì ti gba ife líìgì ní 2025, àwọn ọmọ wa náà ń fẹ́ kí àwòrán wọn hàn níbi gbogbo. Mo fi kámẹ́rà ya àwọn mọ́kànlá, mẹ́fà dúró, márùn-ún lóṣòó síwájú, fótò náà sì mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ó kún ojú sítórì Ínsítágíráàmù, àwọn mẹ́rin tó wà láàárín nìkan ló kù. Mo fi ṣe onígun mẹ́rin, àwọn tó wà ní ìkángun méjèèjì lọ. Èyí tí mo gbé sókè ìkànnì wa ló wá burú jù: ó gé orí àwọn tó dúró, ó sì gé ẹsẹ̀ àwọn tó lóṣòó. Mo dín fótò náà kù, mo tún fẹ̀ ẹ́, kò yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n wo ni mo lè lò tí yóò bá gbogbo wọn mu?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ ṣàlàyé ohun tó sọnù níbì kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn yín wà. Kò sí ìwọ̀n kan tó lè bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Kì í ṣe pé fótò yín tóbi jù tàbí pé ó kéré jù. Ìrísí àyè tí ẹ ń gbé e sí ni kò bá ìrísí fótò náà mu, bíi kí èèyàn fẹ́ fi àwòrán tó fẹ̀ sínú férémù tó ga tóóró. Tí ẹ bá dín in kù ní ìgbà mẹ́wàá, fífẹ̀ ni yóò ṣì máa fẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lórí fótò yín. Kámẹ́rà tó bá ní mẹ́gápíkísẹ̀lì 24 sábà máa ń ya àwòrán tó fẹ̀ tó píkísẹ̀lì 6000, tó sì ga tó 4000. Sítórì ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ: 9 ní fífẹ̀, 16 ní gíga, èyí tí wọ́n ń ṣe ní 1080 sí 1920. Kí fótò yín tó lè kún un láti òkè délẹ̀, 2250 péré ni yóò mú nínú 6000 fífẹ̀ rẹ̀, díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́rin fi kù. Onígun mẹ́rin mú 4000 nínú 6000, àwọn ìkángun ló bá a lọ. Ti ìkànnì yàtọ̀ sí méjèèjì: ó mú gbogbo fífẹ̀, ṣùgbọ́n tí àyè òkè ibẹ̀ bá jẹ́ 1920 sí 600, gíga tí yóò mú nínú fótò yín kò ju 1875 lọ nínú 4000, kò tó ààbọ̀. Orí àti ẹsẹ̀ ló kó sí i lọ́wọ́.

Ẹ ó rí i pé sítórì ń gé ẹ̀gbẹ́, ìkànnì sì ń gé òkè àti ìsàlẹ̀. Àárín nìkan ni ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fọwọ́ kàn. Iṣẹ́ yín ni láti kó àwọn ọmọ yín sí àárín yẹn nígbà tí ẹ bá ń yà wọ́n, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá délé.

Ohun tí yóò fi ibẹ̀ hàn yín ti wà nínú kámẹ́rà yín. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Grid sí, kí ẹ tàn án. Ìlà méjì yóò dúró, méjì yóò dùbúlẹ̀, wọn yóò pín ojú kámẹ́rà sí yàrá mẹ́sàn-án. Yàrá àárín fẹ̀ tó 2000, ó ga tó nǹkan bí 1333, nítorí náà ó wọ inú ohun tí sítórì mú, ó sì wọ inú ohun tí ìkànnì mú. Ẹ fẹsẹ̀ sẹ́yìn títí gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá yóò fi wọ inú yàrá kan ṣoṣo yẹn. Èèyàn mẹ́fà tó fara kan ara wọn fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, wọn kò sì ga tó mítà méjì, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa gbà síbẹ̀ láìfúnra. Kí pápá àti ojú ọ̀run tó ṣẹ́kù yí wọn ká má ṣe yín bí òfò. Ohun tí àwọn ìkànnì yóò gé jẹ nìyẹn, kí wọ́n má baà gé èèyàn.

Ó ní ohun tí yóò ná yín o. Lórí sítórì, ẹgbẹ́ yín yóò fẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n gíga wọn kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́ta ojú fóònù, ojú wọn yóò sì kéré. Mo fara mọ́ ọn fún fótò tí èèyàn kò lè tún yà, irú èyí tí wọ́n gbé ife sókè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fótò ẹgbẹ́ kì í sá lọ. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ yà á. Èyí àkọ́kọ́ ni mo ti ṣàlàyé yìí. Fún èkejì, ẹ gbé kámẹ́rà dúró lóòró, kí ẹ sì tún àwọn ọmọ náà tò: ẹ mú wọn lọ sórí àtẹ̀gùn ìjókòó pápá, mẹ́rin lókè, mẹ́rin láàárín, mẹ́ta nísàlẹ̀. Wọn yóò dín ní fífẹ̀, wọn yóò ga sí i, ẹ ó sì lè sún mọ́ wọn débi tí a ó fi dá olúkúlùkù mọ̀. Ẹ fi nǹkan bí píkísẹ̀lì 250 sílẹ̀ lófo lókè àti nísàlẹ̀ sítórì, nítorí orúkọ yín àti àyè ìfèsì máa ń bo ibẹ̀.

Fótò ìdúró yẹn kan náà yóò wúlò fún ojú ewé Ínsítágíráàmù yín. Onígun mẹ́rin kì í ṣe dandan níbẹ̀ mọ́. 1080 sí 1350 gba àyè púpọ̀ sí i lójú ẹni tó ń wò ó, láti oṣù kìíní 2025 sì ni àwọn àwòrán kéékèèké ojú ewé náà ti di èyí tó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ fóònù ni ẹ fi yà á, ẹ fi í sí 4:3. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, 16:9 wulẹ̀ ń gé lára ohun tí kámẹ́rà rí ni. Ẹ má sì fa fótò gùn tàbí fẹ̀ ẹ́ kí ó lè bá àyè mu, ara àwọn ọmọ yóò wú, gbogbo èèyàn ni yóò sì mọ̀.

Ó ku ti ìkànnì. Àyè òkè rẹ̀ gùn gbọọrọ lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n lórí fóònù ó sábà máa ń sún mọ́ onígun mẹ́rin, ìkànnì náà yóò sì tún gé ẹ̀gbẹ́ fótò yín fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára fótò náà. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe ìkànnì yín kọ ọ́ lé e lórí lọ́tọ̀. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ ṣí i lórí fóònù kan, kí ẹ sì ka orí. Tí kò bá pé mọ́kànlá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣe ìkànnì náà tò ó kí ó máa di àárín fótò mú.