Lẹ́tà Àforíjì sí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi owó ránṣẹ́ kí n bá wọn ra ilẹ̀ n'Íbàdàn. Mo ná an sórí òwò mi, mo sì parọ́ pé mo ti rà á. Láti ìgbà tí àṣírí ti tú, wọn kì í gbé ìpè mi mọ́. Báwo ni mo ṣe lè kọ lẹ́tà àforíjì?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrònú o. Mo gbà pé irọ́ yẹn dun ẹ̀gbọ́n yín ju owó lọ, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ owó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ná owó ilẹ̀ yín láìgbàṣẹ. Nígbà tí ẹ bi mí, mo parọ́. Ẹ fọkàn tán mi, mo sì dalẹ̀ yín. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Màá máa san owó yín padà lóṣooṣù.”

Bí ọjà yín bá kùtà, ẹ má mẹ́nu bà á. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ àwáwí ni yóò jọ létí wọn. “Tí mo bá ṣẹ̀ yín” náà kò dáa, torí ẹ mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ lè san láìyẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kí ẹ sì san ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá lọ. Bí ẹ bá ti fún wọn ní ìwé ilẹ̀ ayédèrú, ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà.

Ẹ má tíì rán àwọn àgbà sí wọn, kó má dà bíi pé ẹ ń fipá gba ìdáríjì. Bí wọn kò bá fèsì, ẹ ṣáà máa san owó náà lọ.